Nọ́ḿbà 44,083,647 ló kù: ohun tó yẹ kí ó wà nínú ìfilọ̀ pé a ó ti dátábéèsì pa lálẹ́ ọjọ́ Àìkú

*Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́. Èmi ni mò ń bójú tó kọ̀ǹpútà fún ilé-iṣẹ́ kan ní Ìbàdàn tó ní ṣọ́ọ̀bù 38. Nọ́ḿbà ìdámọ̀ inú tábìlì títà wa fẹ́ tán, mo sì ní láti ti dátábéèsì pa lálẹ́ ọjọ́ Àìkú kí n lè tún un ṣe. Mo kọ ìfilọ̀, mo pè é ní "àtúnṣe ètò". Ọ̀gá dá a padà fún mi, àwọn òṣìṣẹ́ sì ń bi mí pé kí ló dé tí mi ò lè ṣe é bí àwọn ṣe ń bá iṣẹ́ lọ. Kí ni kí n kọ tí yóò yé wọn tí kò sì ní jẹ́ irọ́? PostgreSQL 14 ni a ń lò. Òǹkà wa wà ní 2103400000, ìlà inú tábìlì sì tó mílíọ̀nù 29.*

Àbúrò mi, ọ̀gá rẹ jàre. "Àtúnṣe ètò" lè jẹ́ pé ẹnìkan fẹ́ pààrọ̀ àwọ̀ bọ́tìnnì, ó sì lè jẹ́ pé òrùlé fẹ́ wó. Òṣìṣẹ́ tí kò mọ èwo nínú méjèèjì yóò gbà pé ti bọ́tìnnì ni, yóò fi kọ̀ǹpútà rẹ̀ sílẹ̀ ní títàn, yóò sì gba ilé lọ. Ìwọ ni yóò wá máa wá a lórí fóònù ní aago mọ́kànlá òru. Kí a tó kọ ìfilọ̀, jẹ́ kí a wo nọ́ḿbà méjì tí o kọ sí mi yẹn dáadáa, nítorí wọn kò bára mu, ibi tí wọn kò sì ti bára mu yẹn ni àlàyé tí àwọn òṣìṣẹ́ ń béèrè wà.

Ìlà mílíọ̀nù 29 ló wà nínú tábìlì, òǹkà sì ti ka bílíọ̀nù 2 kọjá. Níbo ni ìyókù lọ? Nígbà tí mo bi ọ́, o ní ṣọ́ọ̀bù kọ̀ọ̀kan máa ń fi gbogbo títà ọjọ́ náà ránṣẹ́ sí orílé-iṣẹ́ ní ìṣẹ́jú márùn-ún márùn-ún, kì í ṣe èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé nìkan, pé sáfà ló ń yọ èyí tó ti dé tẹ́lẹ̀ dànù. Mo bẹ̀ ọ́ kí o wo bí ó ṣe ń yọ ọ́. `ON CONFLICT DO NOTHING` ni. Ibẹ̀ ni omi ti ń jò.

Fi ojú ìwé rìsíìtì wò ó. Kásíà ya rìsíìtì kan, ó fẹ́ kọ ọ́, ó rántí pé òun ti kọ rìsíìtì fún oníbàárà yìí lẹ́ẹ̀kan, ó rún ìwé náà, ó sọ ọ́ nù. Ọjà kan ṣoṣo ló tà, rìsíìtì méjì ló ti kúrò nínú ìwé. Òǹkà PostgreSQL kì í gba nọ́ḿbà padà. Ó ń fa nọ́ḿbà yọ kí ó tó mọ̀ pé ìlà náà ti wà tẹ́lẹ̀, nígbà tó bá sì mọ̀, nọ́ḿbà yẹn ti jóná. Àṣìṣe kọ́ o. Bí ó bá ní láti gba nọ́ḿbà padà, gbogbo kásíà ni yóò máa tò dúró de ara wọn kí ẹnìkan tó lè tà.

Jẹ́ kí a ṣírò rẹ̀ pọ̀. O ní ṣọ́ọ̀bù kan máa ń ní nǹkan bí ìlà títà 400 lójúmọ́. Láàárọ̀ àkójọ tó ń ránṣẹ́ kéré, nírọ̀lẹ́ ó pọ̀, nítorí náà kí a fi 200 ṣe ìdajì. Wákàtí 12 ni wọ́n fi ń ṣí, ìṣẹ́jú márùn-ún márùn-ún sì jẹ́ ìgbà 144. Igba lọ́nà 144 lọ́nà ṣọ́ọ̀bù 38 jẹ́ 1,094,400. Bí ilé-iṣẹ́ yín ti ń ta ìlà 15,200 lóòótọ́ lójúmọ́, nọ́ḿbà tó lé ní mílíọ̀nù kan ló ń jóná. Bí o bá fi iye yìí pín bílíọ̀nù 2.1, ọdún márùn-ún ó lé díẹ̀ ni, ìyẹn sì ni iye ọdún tí o ní ẹ ti ń lo ètò yìí.

Kí ló wá dé tí nọ́ḿbà lè tán? Ẹni tó kọ sọ́fúwíà náà fún òpó `id` ní ààyè báìtì mẹ́rin, irú èyí tí PostgreSQL ń pè ní `integer`. Nọ́ḿbà tó tóbi jù tí báìtì mẹ́rin lè gbà ni 2,147,483,647. Nínú èyí, 44,083,647 ló kù fún yín. Bí nǹkan bá ń lọ bó ṣe ń lọ, ogójì ọjọ́ ni. Oṣù kan àti ọjọ́ mélòó kan nìyẹn, bí ṣọ́ọ̀bù tuntun kò bá sì ṣí láàárín rẹ̀.

Èyí ni gbólóhùn àkọ́kọ́ tó yẹ kí ó wà nínú ìfilọ̀ rẹ: nọ́ḿbà tí a fi ń dá títà mọ̀ fẹ́ tán, ọjọ́ tí yóò tán sì ti hàn. Ẹnikẹ́ni tó ti lo káàdì ìpè rí mọ ohun tí "ó kù díẹ̀" túmọ̀ sí.

Sọ ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ bí ẹ kò bá tì í pa fún wọn pẹ̀lú, ṣùgbọ́n má fi dẹ́rù bà wọ́n kọjá bó ṣe rí. Lọ́jọ́ ogójì, ohun tí ìwọ yóò rí nínú àkọsílẹ̀ sáfà ni èyí:

```
ERROR:  nextval: reached maximum value of sequence "tita_id_seq" (2147483647)
```

Títà tó ti wọlé kò ní sọnù. Ṣọ́ọ̀bù yóò ṣì máa tà, nítorí kọ̀ǹpútà ibẹ̀ ń tọ́jú ti tirẹ̀. Ṣùgbọ́n ìlà kan ṣoṣo kò ní wọ orílé-iṣẹ́ mọ́. Ilé ìkẹ́rùsí yóò máa wo iye ọjà àná, wọn yóò sì máa fi ẹrù ránṣẹ́ síbi tí ẹrù kún, wọn kò ní fi ránṣẹ́ síbi tó ti tán. Oníbàárà tó bá dá ọjà padà ní ṣọ́ọ̀bù mìíràn, a kò ní rí rìsíìtì rẹ̀. Ọjọ́ tí yóò ṣẹlẹ̀ kò sì sí lọ́wọ́ wa. Ó lè bọ́ sí ọ̀sán ọjọ́ Àbámẹ́ta tí ọjà ń tà jù.

Kì í ṣe ilé-iṣẹ́ kékeré nìkan ni èyí ń ṣe. Ní ọjọ́ 8 oṣù Kọkànlá ọdún 2018, nọ́ḿbà yìí gan-an ló tán fún Basecamp 3, sọ́fúwíà ìṣètò iṣẹ́ kan ní Amẹ́ríkà, nínú tábìlì tí wọ́n fi ń kọ gbogbo ohun tí oníbàárà bá ṣe sílẹ̀. Fún nǹkan bí wákàtí márùn-ún, oníbàárà lè ka ohun tó wà níbẹ̀, kò lè fi nǹkan kan kún un. Àwọn tó kọ́ irú sọ́fúwíà wọ̀nyẹn jẹ oúnjẹ wọn nídìí kóòdù o. Wọ́n mọ ààlà náà, wọn kò kàn wo mítà ni.

Ó kù sí ìbéèrè tí àwọn òṣìṣẹ́ rẹ bi ọ́: kí ló dé tí a kò lè ṣe é bí wọ́n ṣe ń ṣiṣẹ́? Ìbéèrè gidi ni, má fi "ó le ṣàlàyé" dá wọn lóhùn. Ìdáhùn náà ni pé a fẹ́ sọ báìtì mẹ́rin di mẹ́jọ, irú tí wọ́n ń pè ní `bigint`, ààyè kò sì sí láàárín ìlà tó ti wà nílẹ̀ láti fi mẹ́rin sí i. Ó di dandan kí PostgreSQL tún ìlà mílíọ̀nù 29 kọ látòkè délẹ̀ sínú fáìlì tuntun, kí ó tún gbogbo atọ́ka tó wà lórí rẹ̀ ṣe, kí ó wá fi fáìlì tuntun rọ́pò ti àtijọ́. Bí olùtọ́jú ilé ìkẹ́rùsí bá ń da ìwé ńlá àtijọ́ kọ sínú ìwé tuntun, tí ẹlòmíràn sì ń kọ nǹkan sínú ti àtijọ́ lójú ewé tó ti kọjá, ìwé méjèèjì kò ní bára mu láéláé. Ìdí nìyẹn tí PostgreSQL fi ń ti ilẹ̀kùn pátápátá. `ACCESS EXCLUSIVE` ni orúkọ àgádágodo náà, kò gba ẹni tó fẹ́ kọ, kò gba ẹni tó kàn fẹ́ wò pàápàá.

Apá kejì nínú ìdáhùn náà ni mo fẹ́ kí o fi ara balẹ̀ sọ, nítorí òun ló kan òṣìṣẹ́ fúnra rẹ̀. Kí àgádágodo yẹn tó lè wọlé, gbogbo ẹni tó ń lo tábìlì náà gbọ́dọ̀ ti jáde. Bí akọ̀wé ìṣírò kan bá ṣí ìròyìn ọdún mẹ́ta sílẹ̀, tó sì lọ sùn, àṣẹ tiwa yóò dúró dè é. Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò mọ̀ ni pé gbogbo ẹni tó bá dé lẹ́yìn àṣẹ wa yóò tò sẹ́yìn òun náà, ìyẹn ni pé kọ̀ǹpútà kan tí a gbàgbé ní ọ́fíìsì lè dá gbogbo ilé-iṣẹ́ dúró nígbà tí iṣẹ́ kò tíì bẹ̀rẹ̀ rárá. Ohun tó wà nídìí "ẹ jọ̀wọ́ ẹ jáde kúrò lórí ètò" nìyẹn. Bí o bá sọ ìdí rẹ̀, wọn yóò jáde. Bí o kò bá sọ ọ́, wọn yóò kàn ti iná ojú kọ̀ǹpútà pa.

Mi ò ní parọ́ fún ọ pé kò sí ọ̀nà mìíràn. Ó wà. A lè fi òpó tuntun oníbáìtì mẹ́jọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti àtijọ́, kí a máa da nọ́ḿbà kọ sínú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ bí iṣẹ́ ṣe ń lọ, kí a wá pààrọ̀ orúkọ wọn láàárín ìṣẹ́jú-àáyá mélòó kan. Ilé-iṣẹ́ tí kì í sùn, bí báńkì, kò ní yíyàn ju èyí lọ. Ṣùgbọ́n ọ̀sẹ̀ mélòó kan ni iṣẹ́ yẹn, ó gba ẹni méjì tàbí mẹ́ta tó mọ̀ ọ́n, ó sì ní ibi púpọ̀ tí ẹsẹ̀ ti lè yọ̀. Ìwọ nìkan lo wà níbẹ̀, ṣọ́ọ̀bù yín sì ń tì ní aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú. Lójú tèmi, ẹni tí ilé rẹ̀ ń ṣófo lóru kò ní kí bíríkìlà máa lẹ ògiri nígbà tí àlejò wà ní pálọ̀.

Ọ̀nà kẹta ni kí a dí ihò tó ń jò. O ní ilé-iṣẹ́ tó ta sọ́fúwíà náà fún yín ṣèlérí pé àwọn yóò tún un ṣe láàárín oṣù mẹ́ta. Bí wọ́n bá ṣe é lónìí, tí ìlà 15,200 nìkan ń lo nọ́ḿbà lójúmọ́, ohun tó kù yóò tó yín lò fún bí ọdún mẹ́jọ. Máa lé wọn lọ. Ṣùgbọ́n ogójì ọjọ́ kò tó àádọ́rùn-ún ọjọ́, ìdí nìyẹn tí Àìkú yìí fi ṣe pàtàkì. Lẹ́yìn rẹ̀, nọ́ḿbà tó tóbi jù tí òpó náà lè gbà yóò di 9,223,372,036,854,775,807. Wọ́n lè máa sun mílíọ̀nù kan lójúmọ́ títí.

Nípa iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀, mo mọ̀ pé o ti ka ìwé lórí rẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ fi kún un ni àwọn ibi tí mo ti rí i tó dẹ́nu bolẹ̀. Níbi kan tí mo ti ṣiṣẹ́ rí, a yí òpó náà padà dáadáa, a gbàgbé òǹkà. Láti PostgreSQL 10 ni òǹkà tí `serial` bá dá ti ní ààlà báìtì mẹ́rin tirẹ̀, kò sì tẹ̀lé òpó tí ó bá yí padà. Àwa sọ pé iṣẹ́ ti parí, a jẹ búrẹ́dì, a sùn. Ọ̀sẹ̀ kẹta, àṣìṣe kan náà tí a sá fún ló jókòó sórí ojú kọ̀ǹpútà. Nítorí náà, gbogbo rẹ̀ lápapọ̀, nínú ìdì kan, kí ó lè jẹ́ pé bí ọ̀kan bá kùnà, gbogbo rẹ̀ padà sí bó ṣe wà:

```sql
BEGIN;
SET LOCAL lock_timeout = '10s';
ALTER TABLE tita ALTER COLUMN id TYPE bigint;
ALTER TABLE dapada ALTER COLUMN tita_id TYPE bigint;
ALTER SEQUENCE tita_id_seq AS bigint;
COMMIT;
ANALYZE tita;
ANALYZE dapada;
```

Ìlà kejì ni pé bí ẹnìkan bá ṣì wà nínú tábìlì, kí àṣẹ náà má dúró ju ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́wàá lọ, kí ó jáwọ́, kí ìwọ lọ wá ẹni náà nínú `pg_stat_activity`. Tábìlì `dapada`, tí ẹ fi ń kọ ọjà tí a dá padà, wọ inú ọ̀rọ̀ náà nítorí pé ó ń tọ́ka sí nọ́ḿbà títà. Bí `id` bá gbà ju bílíọ̀nù 2 lọ tí `tita_id` kò sì gbà á, oníbàárà àkọ́kọ́ tó bá dá ọjà tuntun padà ni yóò tú àṣìṣe náà síta fún yín.

O sọ pé ìròyìn mẹ́rin wà tí ọ̀gá ń wò láàárọ̀, tí a fi `VIEW` ṣe. PostgreSQL kò ní gbà kí o yí irú òpó tí wọ́n dúró lé padà. Yóò dá ọ lóhùn pé `cannot alter type of a column used by a view or rule`. O ní láti yọ wọ́n, kí o ṣe ìyípadà, kí o tún wọn dá padà, gbogbo rẹ̀ nínú ìdì kan náà. Tọ́jú bí a ṣe kọ wọ́n sílẹ̀ ṣáájú, pẹ̀lú àṣẹ ẹni tó lè wò wọ́n.

Má sì gbàgbé iṣẹ́ ìpamọ́ tó ń ṣe ara rẹ̀ ní aago mọ́kànlá alẹ́. `pg_dump` náà ń di tábìlì mú fún kíkà, bí ó bá ti bẹ̀rẹ̀, àṣẹ rẹ yóò dúró dè é. Sún ti alẹ́ ọjọ́ yẹn ṣíwájú, kí ó ti parí kí o tó tẹ àṣẹ náà. Yẹ ààyè inú dísíìkì wò pẹ̀lú: fáìlì àtijọ́ àti tuntun yóò jọ wà pọ̀ títí iṣẹ́ yóò fi parí. Bí tábìlì àti atọ́ka rẹ̀ bá jẹ́ gígábáìtì 9, rí i pé ó kéré tán 20 ṣófo, nítorí àkọsílẹ̀ ìyípadà náà ń gba ààyè tirẹ̀.

Iná ńkọ́? Bí iná bá lọ tí jẹnẹrétọ̀ sì kọ̀ láti gbéra, dátábéèsì kò ní bàjẹ́, ìdì tí kò parí yóò padà sẹ́yìn nígbà tí sáfà bá jí. Ṣùgbọ́n o ti pàdánù àkókò tí o lò. Ra dísù rẹ lọ́jọ́ Ẹtì.

Báwo lo ṣe mọ iye wákàtí tí o fẹ́ tọrọ? Kì í ṣe nípa fífojú díwọ̀n. Gbé ẹ̀dà ìpamọ́ tuntun sórí kọ̀ǹpútà mìíràn tí agbára rẹ̀ jọ ti sáfà yín, tẹ `\timing`, kí o sì ṣe gbogbo rẹ̀ bí ẹni pé alẹ́ Àìkú ni. Ká ní ó gba ìṣẹ́jú 25, tí gbígbé ẹ̀dà ìpamọ́ padà sì gba ìṣẹ́jú 55. Aago mẹ́wàá ni a ti ilẹ̀kùn, ìṣẹ́jú 40 fún ìpamọ́ àti lílé àwọn tó kù jáde, ìṣẹ́jú 25 yẹn di 50 nítorí pé ohun gbogbo máa ń pẹ́ lálẹ́ tó bá ṣe gidi, wákàtí kan fún yíyẹ̀wò. A ti dé aago méjìlá ààbọ̀. Bí yíyẹ̀wò bá burú, wákàtí kan ó lé díẹ̀ ni o nílò láti padà sí bí a ṣe wà. Ìdí nìyẹn tí o fi ń tọrọ aago mẹ́wàá sí aago méjì fún iṣẹ́ ìṣẹ́jú 25, sọ bẹ́ẹ̀ fún wọn. Ọ̀gá tó bá rí wákàtí mẹ́rin láìsí àlàyé yóò gé e sí méjì, ohun tí yóò sì gé kúrò ni àkókò pípadà sí bí a ṣe wà.

Lórí ẹ̀dà yẹn náà ni kí o ti ṣe ìdánwò kan tí kò ṣeé fò. Lẹ́yìn tí o bá ti sọ òpó àti òǹkà di `bigint`, ti òǹkà síwájú:

```sql
SELECT setval('tita_id_seq', 3000000000);
```

Kí o wá so ẹ̀rọ ṣọ́ọ̀bù kan mọ́ ọn, kí o tà, kí o tẹ rìsíìtì, kí o dá ọjà padà, kí o ṣí ìròyìn. Dátábéèsì lè gba bílíọ̀nù 3, kí sọ́fúwíà tó ń kà á má sì gbà á, bí ẹni tó kọ ọ́ bá fi ààyè báìtì mẹ́rin gba nọ́ḿbà náà níhìn-ín pẹ̀lú. Bí rìsíìtì bá jáde pẹ̀lú nọ́ḿbà òdì tàbí tí ojú ìwé náà bá ṣófo, fagi lé Àìkú náà, pe ilé-iṣẹ́ tó tà á. Ẹ ṣì ní ogójì ọjọ́. Lórí sáfà gidi, má ṣe tẹ àṣẹ yẹn láéláé.

Ìfilọ̀ náà nìyí, bí èmi ì bá ṣe kọ ọ́. Fi ọjọ́ àti nọ́ḿbà fóònù rẹ sí i, má fi ohun púpọ̀ kún un:

> Ètò títà kò ní ṣiṣẹ́ láti aago 10 alẹ́ ọjọ́ Àìkú títí di aago 2 òru mọ́jú ọjọ́ Ajé
>
> Gbogbo ìlà ọjà tí a bá tà ní nọ́ḿbà tirẹ̀ nínú dátábéèsì. Ètò tí a ń lò kò lè ka nọ́ḿbà kọjá 2,147,483,647, a sì ti wà ní 2,103,400,000. Bí a bá ń lọ báyìí, nọ́ḿbà yóò tán ní nǹkan bí ogójì ọjọ́. Lọ́jọ́ náà, títà láti ṣọ́ọ̀bù kò ní wọ orílé-iṣẹ́ mọ́. A fẹ́ fẹ ààyè nọ́ḿbà náà kí ọjọ́ yẹn tó dé, ní alẹ́ tí gbogbo ṣọ́ọ̀bù ti tì.
>
> A kò lè ṣe é nígbà tí iṣẹ́ ń lọ, nítorí kọ̀ǹpútà yóò tún gbogbo ìlà mílíọ̀nù 29 kọ, ẹnikẹ́ni kò sì lè kọ tàbí wo nǹkan kan níbẹ̀ títí yóò fi parí. Iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ kò tó wákàtí kan. Ìyókù wà fún ìpamọ́, fún yíyẹ̀wò, àti fún pípadà sí bó ṣe wà bí ohun kan kò bá lọ dáadáa.
>
> Ṣọ́ọ̀bù: kí ẹ tó ti ilẹ̀kùn lọ́jọ́ Àìkú, ẹ dúró kí àmì "ti ránṣẹ́" hàn, kí ẹ wá pa ẹ̀rọ títà.
> Ilé ìkẹ́rùsí: ẹ tẹ àkójọ ẹrù àárọ̀ Ajé sórí ìwé kí ó tó di aago 9 alẹ́.
> Ìṣírò àti ọ́fíìsì: ẹ ti ìròyìn yín, ẹ jáde kúrò lórí ètò, ẹ pa kọ̀ǹpútà. Kọ̀ǹpútà kan tó bá ṣì wà lórí ètò lè dá iṣẹ́ náà dúró. Ẹni tó bá kù ní aago 10, a ó já a kúrò, ohun tí kò bá sì tíì pamọ́ yóò sọnù.
>
> Nọ́ḿbà orí rìsíìtì àtijọ́ kò yí padà. Owó, iye ọjà àti ọ̀rọ̀ aṣínà yín kò yí padà. Bí iṣẹ́ bá parí tàbí tí a bá dá a dúró, ẹ ó gba ìròyìn lórí Wọ́ọ̀sáàpù ilé-iṣẹ́ kí ó tó di aago 6 àárọ̀.

O rí i pé mi ò sọ ọ̀rọ̀ òǹkà tó ń jò síbẹ̀. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n kò sí ohun tí kásíà lè ṣe sí i, ìjà àwọn tó ta sọ́fúwíà ni yóò dá sílẹ̀ lórí Wọ́ọ̀sáàpù. Sọ ìyẹn fún ọ̀gá rẹ lọ́tọ̀, pẹ̀lú ìṣirò tí a ṣe lókè. Gbólóhùn nípa rìsíìtì àtijọ́ kò ṣeé yọ, nítorí nígbà tí ìṣírò bá gbọ́ "nọ́ḿbà", ohun tí ọkàn wọn ń lọ sí ni àwọn olùṣàyẹ̀wò ìwé.

Fi ránṣẹ́ lọ́jọ́rú, tún fi ránṣẹ́ lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú. Tí a bá fi ránṣẹ́ ní ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú, yóò ti wọ ìsàlẹ̀ àwòrán ìgbéyàwó lórí Wọ́ọ̀sáàpù kí ọjọ́ náà tó pé.

Láàárọ̀ Ajé, ìwọ ni kí ó kọ́kọ́ rí ìlà àkọ́kọ́ tó wọlé láti ṣọ́ọ̀bù, kì í ṣe pé kí wọ́n pè ọ́. Wò ó bóyá `\d tita` fi `bigint` hàn níwájú `id`, kí o sì wo òǹkà náà pẹ̀lú `\d tita_id_seq`. Bí ìròyìn tó máa ń gba ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́ta bá wá ń gba ìṣẹ́jú méjì, má bẹ̀rẹ̀ sí í ronú pé iṣẹ́ bàjẹ́. Ìyípadà irú òpó máa ń pa ohun tí PostgreSQL mọ̀ nípa òpó náà rẹ́, ó sì ṣeé ṣe kí o ti gbàgbé `ANALYZE` ní aago méjìlá òru. Tẹ̀ ẹ́ nígbà náà, òṣìṣẹ́ lè máa ṣiṣẹ́ lọ lórí rẹ̀, kò ti ilẹ̀kùn mọ́ ẹnikẹ́ni.